Níbo Lẹ Wà Láàárín Ọdún Wọ̀nyẹn?

Obìnrin tó wá yẹ ìwé wa wò lọ́jọ́ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún 2016 ni, ní ilé ìtọ́jú arúgbó kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, èmi sì ni igbákejì máníjà. Ó ní ká kó fáìlì òṣìṣẹ́ márùn-ún wá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan fáìlì kẹta, ó fi ìdí pẹ́ńsùlù tẹ ìlà méjì tó tẹ̀ léra wọn nínú fọ́ọ̀mù, ó gbójú sókè. Ẹni yìí fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2011, kò bẹ̀rẹ̀ òmíràn títí di oṣù kọkànlá 2013. Níbo ló wà?

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ náà ló ṣàìsàn. Ó ti sọ fún mi lẹ́nu nígbà tá à ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, mo tiẹ̀ bá a kẹ́dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, àlejò wa rọra mi orí. Ó ní òun kò sọ pé mò ń parọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kò sí nínú fáìlì. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ṣí fáìlì kẹrin.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ẹni tí àpótí tó máa ń wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní Additional information, wà fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ kẹ́ẹ̀ nílùú yìí rò pé máníjà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, pé kó lè ṣàánú àwọn ni. Máníjà máa kà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí máníjà ń rò bó ti ń kà á ni ẹnìkan tó lè dé ní ọdún méjì sí i, tí kò mọ̀ yín rí, tó máa ṣí fáìlì yín nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì ní bi yín ní nǹkan kan. Ìwé nìkan ló máa bá sọ̀rọ̀.

Ìdí rẹ̀ wà nínú òfin. Ní Íńgíláǹdì, gbogbo ilé ìtọ́jú àti iléeṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn aláìsàn wà lábẹ́ àjọ CQC, tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2014 lábẹ́ òfin ìlera àti ìtọ́jú ti 2008 ní àfikún kan, ìkẹta, tó to àwọn ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nípa òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rí pé òun ni òun, àwòrán rẹ̀, ìwé DBS tó ń sọ bóyá ó ti rúfin rí, ẹ̀rí ìwà rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ti ṣe, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú àlàyé tó tẹ́ni lọ́rùn, ní kíkọ sílẹ̀, lórí àlàfo èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀. "Ní kíkọ sílẹ̀" yẹn lèmi kò kà dáadáa kí ọ̀rọ̀ fáìlì kẹta tó ṣẹlẹ̀. Ìlànà náà kò dárúkọ iye oṣù tó máa pé kó tó di àlàfo. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń fa ìlà tirẹ̀: àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé ohun tó bá ti kọjá oṣù kan, àwọn mìíràn á ní oṣù mẹ́ta. Sìkọ́tìláǹdì àti Wéèsì ní òfin tiwọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jìnnà síra.

Ohun tí òfin ń sá fún ni kí ẹni tó ti ṣe arúgbó tàbí ọmọdé níṣekúṣe níbì kan má lọ fi ibi náà pa mọ́ sínú àlàfo, kó wá yọjú síbòmíràn bí ẹni mímọ́. Kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bóyá ẹ jẹ́ ọ̀lẹ. Èyí gan-an ni àwọn èèyàn wa kì í mọ̀. Bí wọ́n bá bi ọmọ Yorùbá pé níbo lo wà fún ọdún mẹ́fà, ó máa ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń bi í pé kí lo fi ayé ẹ ṣe.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ìbejì kan tí mo bá jókòó ti fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní oṣù kìíní 2024, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òtútù mú. Mo ti fi iṣẹ́ ilé ìtọ́jú sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mọ̀ pé mo ti wà lódì kejì tábìlì rí, wọ́n sì máa ń kó fọ́ọ̀mù wá. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ fi sínú àpótí náà sórí fóònù rẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi kà á bóyá Gẹ̀ẹ́sì yẹn dáa."

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Báǹkì ló ti ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìjọ ló kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí bí báǹkì ṣe dá wọn dúró lójijì láìmọwọ́mẹsẹ̀, ó sọ bí ojú òun ṣe rí nǹkan, bí àwọn ẹbí ọkọ ṣe sọ̀rọ̀ sí òun, bí Ọlọ́run ṣe dá òun lóhùn pẹ̀lú ìbejì, bí ìyá ọkọ ṣe dùbúlẹ̀ àìsàn, bí Olúwa ṣe ṣílẹ̀kùn Ìlú Ọba. Ó parí rẹ̀ pé bí wọ́n bá fún òun ní àǹfààní yìí, òun kò ní já wọn kulẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ náà tán, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo wá bi í léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú gbogbo èyí, oṣù wo ni ó fi báǹkì sílẹ̀?

Kò sí níbẹ̀. Kò sí oṣù kankan níbẹ̀, kò sí ọdún kankan. Ẹni tó bá kà á máa mọ̀ pé ìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tó wà ní oṣù kẹsàn-án 2019.

Mo rí irú èyí gan-an nígbà tí mo ń gba fọ́ọ̀mù, mo sì tún máa ń rí òdìkejì rẹ̀: ẹni tó kọ "ọ̀rọ̀ ara ẹni" sínú àpótí náà, tó sì dákẹ́. Èèyàn máa ń rò pé òun fi ọgbọ́n pa àṣírí mọ́ ni. Lójú ẹni tó ń kà á, àpótí tó ṣófo sàn ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tó fi í sílẹ̀ lófìfo lè jẹ́ pé ó gbàgbé ni. Ẹni tó kọ "ọ̀rọ̀ ara ẹni" rántí, kò kàn fẹ́ sọ ni.

Mo ní kí ìyá ìbejì gbé fóònù sílẹ̀. Mo fa ìwé pelebe kan jáde, mo fa ìlà gígùn kan sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ní kó máa ka oṣù fún mi láti ọjọ́ tó jáde ilé-ìwé. A kò kọ ìdí kankan sílẹ̀ ná, oṣù nìkan. Ó wọ báǹkì n'Íbàdàn ní oṣù kẹwàá 2009, ó kúrò níbẹ̀ ní ìparí oṣù kejì 2016. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìmọ́tótó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2022. Àlàfo ńlá tó ń dẹ́rù bà á nìyẹn: láti oṣù kẹta 2016 dé oṣù karùn-ún 2022, oṣù márùndínlọ́gọ́rin gbáko, ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe lóòótọ́ nínú oṣù wọ̀nyẹn. Ó ní, "Mo kàn wà nílé ni, Àǹtí."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "mo wà nílé," ló ń pa wá jùlọ níwájú fọ́ọ̀mù. Lẹ́nu wa, ẹni tí kò bá gba owó oṣù wà nílé ni. Ìyá tó ń ta ata láti aago márùn-ún ìdájí wà nílé. Bí mo ti ń bá a kà á lọ lóṣooṣù, ó kàn ń sọ ọ́ lọ bí ohun tí kò jọjú pé ìgbà tí àwọn ìbejì fi pé bí ọdún méjì, òun gba ìsọ̀ kan ní ọjà Gbági, òun ń ta aṣọ ọmọdé. Ìgbà wo? Oṣù kẹsàn-án 2018. Ó ń san owó ìsọ̀? Ó ń san án lọ́dọọdún, rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń bá a tà á? Ọmọbìnrin kan, ó ń san owó fún un. Ìgbà wo ló gbé e sílẹ̀? Oṣù karùn-ún 2020.

Mo ní, "Ìwọ yìí, o gba èèyàn síṣẹ́, o ní o wà nílé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀, iṣẹ́ ni lórí fọ́ọ̀mù. Kò sí nínú àpótí ìsàlẹ̀ rárá. Òkè níbi ìtàn iṣẹ́ ló yẹ kó wà, ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, orúkọ ọjà, ohun tó ń tà, àti ìdí tó fi dúró. Oṣù mọ́kànlélógún ni ìyẹn mú kúrò nínú oṣù márùndínlọ́gọ́rin. Ó ku mẹ́rìnléláàádọ́ta, wọ́n sì ti pín sí méjì: ọgbọ̀n oṣù ṣáájú ìsọ̀, oṣù mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo ńlá kan tó ń bani lẹ́rù ti di kékeré méjì tí kálukú ní orúkọ.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí mi ò gbọdọ̀ fò. Iṣẹ́ ti ara ẹni tẹ́ ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ṣe. Mo ti rí àwọn tó ta bàgì méjì fún ọ̀rẹ́ ní Kérésìmesì kan tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí òwò ọdún mẹ́rin. Bí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ bá bèèrè ẹni tó lè jẹ́rìí sí òwò náà, ta ni wọ́n máa dárúkọ? Ìyá ìbejì ní ìyá tó jẹ́ alága ìlà ìsọ̀ wọn ní Gbági, tó ní fóònù, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, tí kì í ṣe ẹbí. Wọn kì í fẹ́ ẹbí. Ọgbọ́n oṣù àkọ́kọ́ ńkọ́, tó fi tọ́ ìbejì? Ìyẹn kò ṣòro, ìwé ìbí àwọn ọmọ ló ń jẹ́rìí sí i.

Ìdajì kejì ló gba àkókò. Láti oṣù kẹfà 2020 dé oṣù kejìlá 2021, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, títí ìyá náà fi kú. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ, ó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì-méjì lóru kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà dá sí i lára, ó ń fi oògùn sí i lẹ́nu lákòókò. Ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí náà. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu, nítorí iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń wá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Fọ́ọ̀mù máa ń ní àyè mìíràn tó ti ń bèèrè ìdí tẹ́ ẹ fi yẹ fún iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni ìwẹ̀ àti ìyípadà wákàtí méjì-méjì ti máa ràn án lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní máàkì. Wọn kì í fúnni ní máàkì nínú àpótí àlàfo. Ibi tí wọ́n ti ń wò bóyá oṣù pé ni. Bí ẹ bá kó ohun rere yín síbẹ̀, ẹ ti kó o pa mọ́ síbi tí ẹni tó ń fúnni ní máàkì kò ní wò.

A fẹ́ máa lọ sí kíkọ nígbà tí mo tún wo ìlà gígùn náà, tí mo rí i pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe tí gbogbo ayé ń ṣe. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ń bá ṣiṣẹ́ gba kọngílá mìíràn fún iṣẹ́ ìmọ́tótó, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2023. Oṣù kìíní 2024 la wà. Oṣù mẹ́ta ti ṣófo níwájú wa gan-an, òun kò sì kà á sí nítorí ojú rẹ̀ wà lára ọdún mẹ́fà tó ti kọjá. Ẹni tó ń yẹ fáìlì wò kì í fi ti àtijọ́ ṣe àkọ́kọ́. Òkè fọ́ọ̀mù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ tuntun jùlọ wà.

Èyí lohun tó kọ nígbẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé:

"Oṣù kẹta 2016 sí oṣù kẹjọ 2018: báǹkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Mo wá iṣẹ́ mìíràn títí mo fi bí ìbejì ní oṣù kọkànlá 2016, lẹ́yìn náà mo tọ́ wọn nílé. Oṣù kẹfà 2020 sí oṣù kejìlá 2021: mo gbé òwò mi sílẹ̀ láti tọ́jú ìyá ọkọ mi tó ń ṣàìsàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí ó fi kú. Oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún 2022: mo kó wá sí Ìlú Ọba pẹ̀lú ìdílé mi, mo fi àwọn ọmọ sílé-ìwé, mo sì wá iṣẹ́. Oṣù kẹwàá 2023 títí di ìsinsìnyí: iṣẹ́ mi ní hòtẹ́ẹ̀lì parí nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kọngílá, mò ń wá iṣẹ́ ìtọ́jú. Mo lè fún yín ní orúkọ àwọn tó lè jẹ́rìí sí àkókò kọ̀ọ̀kan."

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" níbẹ̀, kò sí "láìmọwọ́mẹsẹ̀," kò dárúkọ àrùn ìyá ọkọ rẹ̀, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ fún àjèjì. Àlàfo kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé iṣẹ́ tó parí, ó sì parí ní oṣù tó ṣáájú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìka tọ̀ ọ́ láti 2009 kò ní rí ihò tí ìka rẹ̀ máa bọ́ sí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun ló sọ iṣẹ́ máníjà di fífúyẹ́.

*

Gbogbo àlàfo kọ́ ló ní ìbejì nínú. Àìsàn ti ara ẹni ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, pàápàá àìsàn ọpọlọ tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ kò ní láti dárúkọ rẹ̀. "Mo ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ dókítà láti oṣù báyìí sí oṣù báyìí, ara mi ti yá, mo sì ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́" ti tó. Abala 60 nínú òfin ìdọ́gba ti 2010 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa béèrè nípa ìlera yín kó tó fún yín níṣẹ́, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀, bíi kó mọ̀ bóyá ẹ lè ṣe ohun tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe láìsí. Ó lè béèrè lẹ́yìn tó bá ti fún yín níṣẹ́ tán. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ orúkọ àrùn sínú àpótí yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ohun tí òfin ń bò fún yín síta.

Ẹni tó jókòó retí ìwé ìgbélùú lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ láti oṣù báyìí títí di ọjọ́ tí àṣẹ dé. Òótọ́ ni, ọjọ́ sì wà lórí ìwé àṣẹ náà. Èyí tó le ni ti ẹni tó ṣiṣẹ́ nígbà tí kò ní àṣẹ, tàbí tó fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. N kò ní sọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa kọ. Lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú ni kó kọ́kọ́ lọ rí, kó tó fi ọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, kì í sì í ṣe ẹni tó jókòó ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bákan náà ni ẹni tó ti lo àlàfo rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ ìtọ́jú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí DBS ti ń wo ẹ̀yìn jìnnà ju bí ó ti ń wò ó fún iṣẹ́ mìíràn lọ, nítorí náà, "mo rìnrìn àjò" kò ní bò ó.

Ohun tó wọ́pọ̀ ju gbogbo èyí lọ ni nína ọjọ́. Èèyàn máa ń fa ìparí iṣẹ́ báǹkì sí 2018 dípò 2016, tàbí kó kọ ọdún nìkan láìkọ oṣù, kí "2016" àti "2017" lè jọ pé wọ́n kan ara wọn nígbà tí oṣù mẹ́tàlélógún lè wà láàárín wọn. Mo máa ń mọ èyí kíákíá. Báǹkì tí mo kọ̀wé sí fún ẹ̀rí máa ń dáhùn pẹ̀lú nǹkan mẹ́ta péré: ipò tó wà, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde. Bí ọjọ́ wọn kò bá bá tiyín mu, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àlàfo, ó ti di ti irọ́. Àlàfo kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú mi rí ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n nà ti gbà á lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ olùtọ́jú tó dáa tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn arúgbó béèrè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tó lọ.

Ẹni tó bá rò pé ohun kékeré ni, kó wo ọ̀rọ̀ Jon Andrewes. Kì í ṣe àlàfo ló bò ní tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí kò ní ló kọ sínú ohun tó fi wá iṣẹ́, ó sì fi di ọ̀gá àgbà ilé ìtọ́jú àwọn tí ikú ti sún mọ́, ní 2004, lẹ́yìn náà ó di alága nínú àwọn àjọ ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n gbà pé ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 2017. Ní oṣù kẹjọ 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nílùú yìí pàṣẹ pé kó tún san £96,737 nínú owó tó gbà. Pé ó mọ iṣẹ́ kò gbà á lọ́wọ́ ìjìyà. Wọ́n wo ohun tó kọ kó tó dé ibẹ̀.

*

Wọ́n pe ìyá ìbejì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Máníjà náà mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti fi yẹ́lò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àpótí náà. Ìbéèrè kan péré ló bi í lórí rẹ̀: orúkọ ìyá alága ìsọ̀ ní Gbági. Ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́. Ìṣẹ́jú méjì kò pé. Ìyókù wákàtí kan náà, ọ̀rọ̀ bí a ti ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jọ sọ.

Bí ọ̀kan nínú irú fọ́ọ̀mù yìí bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ kó ìwé ìrìnnà yín jáde, àti ìwé ìbí àwọn ọmọ, rìsíìtì owó ìsọ̀, káàdì ilé ìwòsàn, lẹ́tà tí wọ́n fi dá yín dúró níbi iṣẹ́. Oṣù wà lórí gbogbo wọn. Inú wọn ni kẹ́ ẹ ti mú un, ẹ má fi orí mú un.